Ìbéèrè àti ìdáhùn: okùn tó so dífárẹ́ńṣíéṣọ̀n mọ́ íńtígíréṣọ̀n

Ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní sábà máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá dé ibi tí apá méjèèjì kálíkúlọ́ọ̀sì ti pàdé. Táǹkì omi kan la ó máa fi ṣe àpẹẹrẹ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kí ọkàn yín lè dúró sójú kan. Ẹ mú bírò àti ìwé. Ìṣirò inú rẹ̀ kò le, àmọ́ ẹni tó bá fi ojú lásán kà á kò ní rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí.

Iṣẹ́ wo ni dífárẹ́ńṣíéṣọ̀n ń ṣe, èwo sì ni ti íńtígíréṣọ̀n?

Ẹ wo táǹkì kan tí omi ń dà sínú rẹ̀. Ohun méjì ló ṣeé wọ̀n níbẹ̀. Èkíní ni iye omi tó ti wà nínú táǹkì, èyí tí a ń fi lítà kà. Èkejì ni bí omi ṣe ń yára wọlé sí, èyí tí a ń kà ní lítà mélòó láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá mọ iye omi inú táǹkì ní gbogbo àsìkò, tí ẹ wá fẹ́ mọ bó ṣe ń yára wọlé ní àsìkò kan pàtó, dífárẹ́ńṣíéṣọ̀n lẹ fẹ́ ṣe. Èsì rẹ̀ là ń pè ní dẹrífátíìfù. Bó bá jẹ́ pé ìyára ni ẹ mọ̀, tó sì jẹ́ àpapọ̀ omi lẹ ń wá, íńtígíréṣọ̀n nìyẹn. Lórí gíráàfù, dífárẹ́ńṣíéṣọ̀n ń wo bí ìlà ṣe dà gẹ̀rẹ̀ tó ní ojú kan, íńtígíréṣọ̀n sì ń wọn ààyè tó wà láàárín ìlà náà àti ìlà ìbú tó wà nísàlẹ̀.

Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ báyìí, ìdagẹ̀rẹ̀ àti ààyè kò jọra rárá. Ìdí nìyẹn tí tíọ́rẹ́mù tó so wọ́n pọ̀ fi ń rú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lójú.

Kí ni tíọ́rẹ́mù ìpìlẹ̀ kálíkúlọ́ọ̀sì sọ gan-an?

Ó ní apá méjì. Apá kìíní sọ pé bí f bá jẹ́ fọ́ńkíṣọ̀n tí ìlà rẹ̀ kò já níbì kankan, tí a wá ń kó ààyè abẹ́ rẹ̀ jọ láti ibi kan tí a pè ní a títí dé x, ohun tí a kó jọ náà jẹ́ fọ́ńkíṣọ̀n tuntun, dẹrífátíìfù rẹ̀ sì ni f fúnra rẹ̀:

```
A(x) = ∫[a→x] f(t) dt
A'(x) = f(x)
```

Apá kejì sọ pé bí ẹ bá ti rí fọ́ńkíṣọ̀n G èyíkéyìí tí dẹrífátíìfù rẹ̀ jẹ́ f, ẹ ò ní láti kó ààyè kankan jọ mọ́. Ẹ kàn yọ iye G ní ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye rẹ̀ ní òpin:

```
∫[a→b] f(t) dt = G(b) - G(a)
```

Irú G bẹ́ẹ̀ la ó máa pè ní òbí f níhìn-ín, nítorí pé bí a bá dífárẹ́ńṣíéètì rẹ̀, f ló ń bí. Òbí 2t ni t², òbí t² sì ni t³/3.

Apá kejì ni gbogbo ènìyàn ń lò nínú ìdánwò. Apá kìíní ló gbé e dúró, òun ló sì yẹ kí ẹ lo àkókò lé lórí jù.

Báwo ni ààyè abẹ́ gíráàfù ṣe di iye omi?

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí omi máa wọlé ní ìyára kan náà, ká sọ pé lítà 4 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Láàárín ìṣẹ́jú 5, lítà 20 ló wọlé. Bí ẹ bá ya gíráàfù ìyára yìí, ìlà gbọọrọ kan lẹ ó rí tó wà ní gíga 4, tó gùn láti òdo dé 5. Onígun mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀: gíga 4, ìbú 5, ààyè 20. Lítà láàárín ìṣẹ́jú kan ni gíga, ìṣẹ́jú ni ìbú. Bí a bá sọ wọ́n di púpọ̀, ìṣẹ́jú á pa ara rẹ̀ rẹ́, lítà ló máa kù. Ẹ máa wo irú òṣùwọ̀n yìí ní gbogbo ìgbà, nítorí ó máa ń tú àṣìṣe fó.

Ìyára lè máa yí padà. Ká ní ẹnì kan rọra ń ṣí ẹ̀rọ omi sí i, tí ìyára ní ìṣẹ́jú t fi jẹ́:

```
f(t) = 2t + 4
```

Ní ìbẹ̀rẹ̀, lítà 4 ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tó bá di ìṣẹ́jú karùn-ún, ó ti di 14. Ẹ gé àsìkò náà wẹ́wẹ́ bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Láàárín ègé kan tó tín-ín-rín, ìyára kò tíì ráyè yí padà púpọ̀, nítorí náà omi tó wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíga ègé náà lọ́nà ìbú rẹ̀. Bí ẹ bá ro gbogbo ègé pọ̀, àpapọ̀ omi lẹ rí. Bí ègé bá ṣe ń tín-ín-rín sí i ni àṣìṣe ń dínkù, iye tí àpapọ̀ náà ń sún mọ́ láìdúró ni íńtígíràlì.

Ti 2t + 4 kò tilẹ̀ nílò gígé. Ohun tó wà lábẹ́ ìlà rẹ̀ láti òdo dé ìṣẹ́jú t ni onígun mẹ́rin tí ààyè rẹ̀ jẹ́ 4t, pẹ̀lú onígun mẹ́ta lórí rẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ t, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 2t, tí ààyè rẹ̀ fi jẹ́ t². Nítorí náà:

```
A(t) = t² + 4t
A(5) = 25 + 20 = 45
```

Lítà 45 ló wọlé ní ìṣẹ́jú 5. Ẹ kíyè sí i pé a ò tíì lo tíọ́rẹ́mù kankan. Jiọ́mẹ́tìrì ilé ẹ̀kọ́ girama lásán la lò. Ẹ wá dífárẹ́ńṣíéètì t² + 4t. Ó di 2t + 4. Ìyára tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ló padà wá yẹn.

Kí ló dé tó fi padà wá? Ṣé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni?

Kì í ṣe kòńgẹ́. Ẹ jẹ́ ká dúró ní ìṣẹ́jú kẹta, ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táǹkì ní ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú kan tó tẹ̀lé e.

Ní ìṣẹ́jú 3, omi inú táǹkì jẹ́ 9 + 12, ìyẹn lítà 21. Ní 3.1, ó jẹ́ 9.61 + 12.4, ìyẹn 22.01. Ohun tó wọlé láàárín méjèèjì jẹ́ lítà 1.01. Lórí gíráàfù f, lítà 1.01 yìí ni ègé tóóró kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 0.1. Apá òsì ègé náà ga tó f(3), ìyẹn 10. Apá ọ̀tún ga tó f(3.1), ìyẹn 10.2. Ààyè ègé náà kò lè kéré ju 10 × 0.1 lọ, kò sì lè ju 10.2 × 0.1 lọ. Lóòótọ́, 1.01 wà láàárín 1 àti 1.02.

Ẹ wá fi ìbú pín in. Dẹrífátíìfù A kò ju kí a pín ìyàtọ̀ A pẹ̀lú ìbú, tí a ó pè ní h, kí a sì jẹ́ kí ìbú náà máa dínkù lọ:

```
h = 0.1     (A(3.1) - A(3)) / h   = 10.1
h = 0.01    (A(3.01) - A(3)) / h  = 10.01
h = 0.001   (A(3.001) - A(3)) / h = 10.001
```

Ó ń sún mọ́ 10, èyí tí í ṣe f(3). Kò níbòmíràn tó lè lọ. Bí a bá ti ń mú h kéré sí i, gíga òsì dúró sí 10, gíga ọ̀tún ń sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, iye tó há sí àárín àwọn méjèèjì kò sì lè yà sí ibì kankan.

Ẹ fi f èyíkéyìí tí kò já rọ́pò 2t + 4, àlàyé yìí kò ní yí padà. Omi tó kún un láàárín x àti x + h jẹ́ ègé kan. Ègé náà kò kéré ju gíga tó rẹlẹ̀ jù nínú rẹ̀ lọ́nà h, kò ju gíga tó ga jù lọ́nà h. Bí a bá fi h pín in, èsì á há sáàárín gíga méjèèjì. Nítorí pé f kò já, gíga méjèèjì ń papọ̀ di f(x) bí h ṣe ń lọ sí òdo. Bí a bá ń kó ààyè jọ, gíga ìlà ní etí ibi tí a dé ni ìyára tí a fi ń kó o jọ. Odindi apá kìíní tíọ́rẹ́mù náà nìyẹn.

Kí ni lẹ́tà t wá ṣe nínú ẹ̀, nígbà tó jẹ́ x là ń bá bọ̀?

Iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Lẹ́tà x ni ibi tí a ti dúró gé; òun ni etí ọ̀tún ààyè náà. Lẹ́tà t ni ó ń rìn láti a títí dé x, tó ń ka gíga ègé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìṣirò bá parí, t kò sí mọ́, x nìkan ló kù. Ẹ lè pè é ní u tàbí s, èsì kò ní yàtọ̀. Ohun tí kò dára ni kí ẹ lo x fún méjèèjì, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń gbàgbé èwo ló ń rìn, èwo ló dúró.

Báwo ni apá kejì ṣe jáde láti inú apá kìíní?

Apá kìíní ti fi hàn pé A jẹ́ òbí f. Ká ní ẹ wá fúnra yín rí òbí mìíràn, G, nínú tábìlì tàbí nínú orí yín. Àwọn méjèèjì ní dẹrífátíìfù kan náà, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn ní ìdagẹ̀rẹ̀ òdo níbi gbogbo. Ohun tí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ òdo láti òpin kan dé èkejì kò gòkè, kò sì sọ̀ kalẹ̀. Ó jẹ́ iye kan tí kì í yí padà. Ẹ pè é ní C:

```
A(x) = G(x) + C
```

Ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí x jẹ́ a, a ò tíì kó nǹkan kan jọ, nítorí náà A(a) jẹ́ òdo. Èyí sọ fún wa pé C gbọ́dọ̀ jẹ́ -G(a). Ẹ wá fi b sí ipò x, A(b) di G(b) - G(a).

Ìdí nìyí tí ẹ kì í fi í kọ "+ C" bí íńtígíràlì bá ti ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Bí ẹ bá tilẹ̀ lo G(t) + 7, 7 á wà ní òpin, á wà ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyọkúrò á sì pa á rẹ́. Àmọ́ bí íńtígíràlì kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ẹ̀bi ni kí ẹ má kọ C, torí pé gbogbo òbí f ni wọ́n ní kí ẹ kọ, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ fi hàn wá lórí ìlà tó tẹ̀, tí jiọ́mẹ́tìrì kò lè ràn wá lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ààyè abẹ́ t² láti òdo dé 3. A ó kọ́kọ́ ṣe é lọ́nà tó gùn, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí tíọ́rẹ́mù gbà kúrò lọ́rùn yín.

Ẹ gé e sí ègé 3, ìbú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1. Bí ẹ bá lo gíga apá òsì ègé kọ̀ọ̀kan, ẹ ó ní 0 + 1 + 4, ìyẹn 5. Bí ẹ bá lo gíga apá ọ̀tún, ẹ ó ní 1 + 4 + 9, ìyẹn 14. Ìdáhùn wà láàárín méjèèjì, àmọ́ àlàfo náà tóbi. Ẹ wo bó ṣe ń dínkù:

```
ègé     òsì      ọ̀tún
3       5        14
6       6.875    11.375
30      8.555    9.455
```

Ègé 30 ni a gé kí àlàfo tó sọ̀ kalẹ̀ sí 0.9, ẹni tó bá fi ọwọ́ ṣe é á ti sọ ọgbọ̀n nọ́ńbà di púpọ̀, á sì ti rò wọ́n pọ̀. Ẹ wá lo apá kejì. Òbí t² ni t³/3, ẹ lè dífárẹ́ńṣíéètì rẹ̀ láti rí i dájú. Ní 3 ó jẹ́ 27/3, ìyẹn 9. Ní òdo ó jẹ́ òdo. Ìdáhùn ni 9 gééré, kì í ṣe nǹkan tó súnmọ́ 9.

Tíọ́rẹ́mù yìí sọ iṣẹ́ ìròpọ̀ tí kò lópin di ìyọkúrò kan ṣoṣo. Ohun tó ná yín ni wíwá òbí, ibẹ̀ sì ni wàhálà íńtígíréṣọ̀n kó sí.

Kí ló dé tí ìdáhùn mi fi jẹ́ òdo, nígbà tí mo rí ààyè lójú gíráàfù?

Nítorí pé ibi tí f bá ti wà lábẹ́ ìlà ìbú, íńtígíràlì ń yọ ọ́ kúrò ni, kì í fi kún un. Ẹ padà sí ibi táǹkì. Ká ní lítà 10 ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìyára sì jẹ́:

```
f(t) = 4 - 2t
```

Láti òdo dé ìṣẹ́jú 2, omi ń wọlé. Ní ìṣẹ́jú 2 gan-an, ó dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyára di iye òdì, ìyẹn ni pé omi ń jáde. Òbí f ni 4t - t². Láti òdo dé 2, ó fún wa ní 4: táǹkì di lítà 14. Láti 2 dé 4, ó fún wa ní -4: táǹkì padà sí 10. Íńtígíràlì láti òdo dé 4 jẹ́ òdo, òótọ́ sì ni, torí pé omi inú táǹkì kò yàtọ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ohun tí ìbéèrè ń wá ni gbogbo omi tó gba ẹnu páìpù kọjá, yálà ó wọlé tàbí ó jáde, ẹ gbọ́dọ̀ pín in sí méjì níbi tí f ti kan òdo, kí ẹ ṣe apá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ iye òdì di rere: 4 + 4, lítà 8. Ìbéèrè nípa ọkọ̀ tó lọ tó bọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ibi tó bọ́ sí yàtọ̀ sí gbogbo ọ̀nà tó rìn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún lítà 10 àkọ́kọ́ yẹn. G(b) - G(a) ń sọ bí nǹkan ṣe yí padà tó ni. Kò mọ ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa fi kún un.

Bí òpin òkè bá jẹ́ x² dípò x ńkọ́?

Níbí ni máàkì ti ń ṣòfò jù. Ká ní wọ́n ní kí ẹ dífárẹ́ńṣíéètì èyí:

```
∫[0→x²] (2t + 4) dt
```

Ọ̀pọ̀ á kàn fi x² sí ipò t, wọ́n á kọ 2x² + 4, wọ́n á sì kọjá lọ. Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Etí ọ̀tún ààyè náà kò rìn ní ìyára x. X² ni etí náà, ìyára rẹ̀ sì jẹ́ 2x. Bí x bá jẹ́ 3, etí náà wà ní 9, ó sì ń sáré ní ìlọ́po mẹ́fà x. Ààyè tó ń kó jọ ní ẹ̀ẹ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ gíga ìlà lọ́nà ìyára etí:

```
(2x² + 4) · 2x = 4x³ + 8x
```

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò, torí pé a ti mọ A(t) tẹ́lẹ̀. Ẹ fi x² sí i: x⁴ + 4x². Dẹrífátíìfù rẹ̀ ni 4x³ + 8x. Ní x = 3, ìdáhùn tòótọ́ jẹ́ 132; ẹni tó gbàgbé 2x á kọ 22.

Bó bá jẹ́ òpin ìsàlẹ̀ ni x, tí òkè dúró sí 5, bí x bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ààyè ń dínkù, nítorí náà dẹrífátíìfù rẹ̀ jẹ́ -f(x).

Ìgbà wo ni tíọ́rẹ́mù yìí kì í ṣiṣẹ́?

Nígbà tí ìlà bá já. Àmọ́ jíjá méjì ló wà, ọ̀kan sì léwu ju èkejì lọ.

Èyí tí kò léwu púpọ̀: ẹ̀rọ omi wà ní pípa títí di ìṣẹ́jú 1, ẹnì kan wá ṣí i lójijì, ìyára fò láti òdo sí 5. Omi inú táǹkì kò fò. Ó jẹ́ òdo títí di ìṣẹ́jú 1, lẹ́yìn náà ó di 5(t - 1). Ààyè ṣì ṣeé kó jọ. Ohun tó bàjẹ́ ni dẹrífátíìfù ní ìṣẹ́jú 1 gan-an: láti òsì, ìdagẹ̀rẹ̀ jẹ́ òdo, láti ọ̀tún, ó jẹ́ 5. Igun ṣóńṣó kan wà níbẹ̀, a ò sì lè sọ pé A'(1) jẹ́ iye kan. Gíga òsì àti gíga ọ̀tún ègé kò papọ̀ mọ́ bí h ṣe ń dínkù, ohun tí a sì gbára lé nínú àlàyé wa nìyẹn.

Èyí tó léwu ni 1/x² láti -1 dé 1. Òbí rẹ̀ ni -1/x. Ẹ fi sínú fọ́múlà:

```
G(1) - G(-1) = -1 - 1 = -2
```

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. 1/x² ju òdo lọ níbi gbogbo tó wà. Báwo ni ààyè abẹ́ rẹ̀ ṣe máa jẹ́ -2? Ní x = 0, ìlà náà ga lọ láìlópin, òbí rẹ̀ náà sì já níbẹ̀, nítorí náà apá méjèèjì kò sí lórí okùn kan náà. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 0.1 dé 1, ààyè jẹ́ 9. Láti 0.01, ó jẹ́ 99. Láti 0.001, ó jẹ́ 999. Kò dúró síbì kankan, nítorí náà íńtígíràlì náà kò ní iye kankan.

Fọ́múlà kò ní kìlọ̀ fún yín. Kí ẹ tó fi òpin àti ìbẹ̀rẹ̀ sí i, ẹ wo ìsàlẹ̀ gbogbo ìdá, ẹ béèrè bóyá ó lè di òdo láàárín a àti b. Lẹ́yìn tí ẹ bá parí, ẹ wo bóyá àmì ìdáhùn bá ti gíráàfù mu.

Ta ló kọ́kọ́ rí i?

Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. James Gregory, ọmọ Scotland, ti tẹ irú rẹ̀ jáde ní 1668, Isaac Barrow ní Cambridge sì fi jiọ́mẹ́tìrì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó jáde ní 1670. Newton àti Leibniz ló sọ ọ́ di irinṣẹ́ tí ènìyàn lè fi ṣírò, oníkálùkù lọ́nà tirẹ̀. Àmì ∫ tí a ń kọ jẹ́ ti Leibniz. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ara rẹ̀ ní 1675, lẹ́tà S gígùn ni, láti ara ọ̀rọ̀ èdè Látìn tó túmọ̀ sí àpapọ̀. Bí ẹ bá rántí pé S ìròpọ̀ ni, dt tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á yé yín: ìbú ègé ni.

Bí mi ò bá wá rí òbí f rárá ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀, kì í sì í ṣe nítorí pé ẹ kò mọ̀wé. Kò sí bí ẹ ṣe lè to àwọn fọ́ńkíṣọ̀n tí ẹ mọ̀, ìyẹn pawá, sáìnì, kósáìnì, lọ́gì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, tí dẹrífátíìfù rẹ̀ á fi di èyí:

```
f(t) = e^(-t²)
```

Joseph Liouville, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló la ọ̀nà tí a fi ń fi irú èyí hàn, ní àwọn ọdún 1830. Apá kejì kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbí, àmọ́ apá kìíní ṣì dúró gbọn-in. Ìlà e^(-t²) kò já níbì kankan, nítorí náà òbí wà fún un. Ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ààyè tí a kó jọ láti òdo dé x. Ohun tí kò ní ni orúkọ láàárín àwọn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣe fún lọ́gì àdánidá: wọ́n ní òun ni ààyè abẹ́ 1/t láti 1 dé x, wọ́n sì ti ibẹ̀ fa gbogbo òfin rẹ̀ yọ.

Wọ́n fún ti e^(-t²) náà ní orúkọ, nítorí pé àwọn onísítátísítíìkì ń lò ó lójoojúmọ́: erf ni wọ́n ń pè é, bí a bá ti fi √π/2 pín ààyè náà. Ó wà nínú Páítọ̀n, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ẹ sì lè dán apá kìíní wò lórí rẹ̀ ní x = 1:

```
import math
def A(x):
    return math.sqrt(math.pi)/2 * math.erf(x)

h = 0.001
print((A(1 + h) - A(1)) / h)
print(math.exp(-1))
```

Ìlà àkọ́kọ́ á tẹ nǹkan bíi 0.3675 jáde, èkejì á tẹ 0.3679. Ẹ dín h kù sí 0.0001, ẹ tún un ṣe, ẹ ó rí i tí àkọ́kọ́ ń sún mọ́ èkejì. Ẹ má kàn jẹ́ kí h kéré jù, bíi 10^(-15), torí pé nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà kò ju nǹkan bíi díjíìtì 16 lọ: A(1 + h) àti A(1) á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀kan náà lójú rẹ̀, ìyọkúrò wọn á sì di pàǹtírí.